Ilé Ẹyẹ Tí Kò Sí Níbẹ̀ Mọ́

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ ní Yàbá. Ẹni tó bá jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́ á lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwa tá a ti kọ́ ọ tí a kò sì ríṣẹ́ síbẹ̀, àwa là ń kọ́ wọn. Tiwa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Sábó. Kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo, a sì máa ń fi aṣọ bò wọ́n lálaalẹ́ bíi pé òtútù ń mú wọn. Olùkọ́ méjì la jẹ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ẹnì kejì mi jẹ́ ọkùnrin kan tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló ń tún ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ṣe. Ọ̀gá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ èèyàn kúkúrú tó fẹ́ràn eré ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ.

Ọ̀gá ló mú eré náà wá. Àna wọn kan ló fi ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun, inú àwo sídì pẹlẹbẹ kan ló wà. Ẹ̀gbọ́n fi wáyà so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ kí ẹni méjì lè bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ tán lọ́sàn-án Sátidé, ogun ti dé nìyẹn.

Kì í ṣe eré bí ayò, tí wàá ta tìẹ tán kí n tó ta tèmi. Àwa méjèèjì là ń ṣe tiwa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì jókòó tó ń ronú, ọ̀tá rẹ̀ ò ní dúró dè é. Ìwọ ní ìlú tìẹ, èmi ní tèmi. Àwọn ará ìlú ń gé igi, wọ́n ń wa góòlù, a sì ń fi igi àti góòlù yẹn kọ́ ilé, a ń fi wọ́n kó ọmọ ogun jọ. Ẹni tí wọ́n bá wó ìlú rẹ̀ tán ni wọ́n borí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi ni pé ohun kan ń ṣáájú ohun kan. O ò lè ṣàdédé ní ẹlẹ́ṣin. Ilé olórí ìlú ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ọmọ ogun, ilé ọmọ ogun ló sì máa fún ọ láyè láti kọ́ ilé ẹṣin. Bí o bá fẹ́ ẹ̀rọ ajùkò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ju òkúta láti ọ̀nà jíjìn, o gbọ́dọ̀ kọ́ ilé alágbẹ̀dẹ kí o tó kọ́ ilé ẹ̀rọ. Bí o bá sì fẹ́ àwọn ẹyẹ ńlá tó ń tu iná sílẹ̀, àfi kí o ní ilé alágbẹ̀dẹ àti ilé ẹṣin pọ̀, kí o tún ilé olórí ìlú ṣe kó tóbi, kí o tó wá kọ́ ilé ẹyẹ. Gbogbo rẹ̀ ń gba àkókò, ó sì ń gba góòlù. Nítorí náà, o ò lè gba gbogbo ọ̀nà pọ̀. Ẹni tó bá ń lépa ẹyẹ kò ní ní ẹlẹ́ṣin púpọ̀, ẹni tó bá sì kó ẹlẹ́ṣin jọ kíákíá, ẹyẹ máa pẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ya gbogbo rẹ̀ sójú pátákó bí igi: ilé olórí ìlú ni gbòǹgbò, ìyókù ń yọ ẹ̀ka lọ sókè. Wọ́n gbàgbé láti pa á rẹ́. Nígbà tí mo wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tẹrí ba, wọ́n ń dà á kọ. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Costain nawọ́ sókè, wọ́n ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ wo la máa ṣe ilé ẹṣin?" Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé kò ní jáde nínú ìdánwò. Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n dà á kọ tán.

Ohun kejì ni kùrukùru, ohun náà ló sì pa mí lára jù. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ibẹ̀ á dúdú kirikiri, àfi àyíká ilé rẹ. Ibi tí èèyàn rẹ bá dé ló ń mọ́lẹ̀. Ó rí igi, ó rí odò, ó rí ọmọ ogun ọ̀tá tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ kì í padà dúdú, kì í sì í mọ́lẹ̀ mọ́. Á di àwọ̀ eérú. Nínú eérú yẹn, wàá ṣì máa rí odò, wàá máa rí ilé tí ọ̀tá kọ́, bí ojú rẹ ṣe rí i kẹ́yìn gẹ́lẹ́. O ò ní rí ọmọ ogun tó ń rìn níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá kọ́ ilé tuntun sí i, o ò ní rí i. Bó bá sì wó èyí tí o rí, yóò ṣì dúró digbí lójú tìẹ títí ẹnì kan nínú àwọn èèyàn rẹ yóò fi padà débẹ̀.

Dúdú ò léwu tó eérú. Ẹni tó bá rí dúdú mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan. Eérú ló ń tan èèyàn, nítorí ó dà bí ìmọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Wọn á jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin mi wọ ìlú wọn, á rí ilé ẹyẹ, wọn á sì pa á. Èmi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣọ́ fún àwọn tafàtafà káàkiri, nítorí idà kì í bá ẹyẹ lókè. Nígbà tí mo bá ti ná gbogbo góòlù mi tán sórí ilé ìṣọ́, kì í ṣe ẹyẹ ló máa dé. Ẹ̀rọ ajùkò ni. Wọn á dúró sí ibi tí ọfà mi ò dé, wọn á máa fi òkúta wó àwọn ilé ìṣọ́ náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ti wó ilé ẹyẹ fúnra wọn látìgbà tí mo ti rí i. Eré náà máa ń dá ìdajì góòlù padà fún ẹni tó bá wó ilé ara rẹ̀, ìdajì yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀rọ. Èmi ń bá ilé tí kò sí níbẹ̀ mọ́ jà.

"Ìwọ náà ò lè padà lọ wò ó ni?" Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́ṣin kan péré, o ń ṣahun. O fẹ́ fi í ṣọdún ni?"

Èmi a máa bínú. Mo lè sọ ọ́ báyìí pé mo máa ń bínú gan-an, tí n kò sì ní bá wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní àkókò yẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mò ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, wọn ò lọ́kọ nílé mọ́, wọn ò sì bímọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ní. Orí ẹní ni mò ń sùn ní pálọ̀, báàgì mi sì wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò kan lẹ́yìnkùlé pé: "Ilé yìí ò gbèèyàn méjì. Ó máa wá ibòmíì ni." Wọn ò mọ̀ pé mo wà ní bálùwẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń gbé ilé náà bí àlejò. Mo ń fọ abọ́ kí wọ́n tó jí, mo ń ká ẹní mi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bí wọ́n bá sì bi mí ní ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "rárá, mà" ni. Ọdún méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá báàgì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ṣófo, wọ́n ti gbá a. Àǹtí wà nílé ìdáná, ṣùgbọ́n n kò lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó tún ku ohun tí wọ́n máa sọ? Aṣọ ò bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn ti gba ilé kékeré kan ní Ìpọ̀nrí, ibẹ̀ ni àwọn máa ṣí ẹ̀ka kejì sí. Ọ̀kan nínú èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni yóò lọ ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n tún fi kún un, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀, pé yàrá kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí olórí náà lè máa gbé.

Yàrá. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ yàrá yẹn gan-an. Kí n ti ilẹ̀kùn mi, kí n sùn títí oòrùn fi yọ, kí n má máa ká ẹní fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ lọ, wọn ò fi pamọ́. Ọ̀gá wò wá títí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò mọ èyí tí àwọn máa mú nínú wa, àwa méjèèjì mọ iṣẹ́. "Ẹni tó máa ṣe Ìpọ̀nrí," Ọ̀gá ní, "ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Ṣé kọ̀ǹpútà ló máa kọ́kọ́ rà ni, àbí iná ló máa kọ́kọ́ fà wọlé? Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò mọ̀. Ẹ wá gbá eré yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Èmi á wò yín. Ẹni tó bá borí kó máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n ní: "Ọ̀gá, ṣé ẹ siríọ́ọ̀sì?"

"Mo siríọ́ọ̀sì gan-an. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ta tẹ́tẹ́ lé e lórí ni?"

Mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ti parí. N kò borí Ẹ̀gbọ́n rí.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, a tan jẹnẹrétọ̀ kí iná má baà já wa kulẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà, nítorí náà a ta okùn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, a sì fi aṣọ ìbora kan kọ́ sáàárín wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kùrukùru tó wà nínú eré ò wúlò bí èèyàn bá lè na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ ẹnì kejì. A pa ohùn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìró òòlù ti mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ilé alágbẹ̀dẹ. Ọ̀gá jókòó sí etí aṣọ náà gan-an, ìdí kan lọ́tùn-ún, ìdí kan lósì, wọ́n ń rí ìlú méjèèjì. A mú kí wọ́n ṣèlérí pé wọn ò ní fajú ro, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́ ilé ọmọ ogun, mo kọ́ ilé ẹṣin, mo sì rán ẹlẹ́ṣin kan wọ inú dúdú. Ó gba ẹ̀bá odò lọ, ó rí ìlú Ẹ̀gbọ́n. Ilé ọmọ ogun wà níbẹ̀, ilé alágbẹ̀dẹ náà wà níbẹ̀. Ó sá padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo tún rán an lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹṣin ti wà, ilé olórí ìlú ti tóbi, ilé ẹyẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tuntun yányán. Mo rí i dáadáa kí àwọn tafàtafà Ẹ̀gbọ́n tó pa ẹlẹ́ṣin mi. Ibẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ilé ẹyẹ náà dúró sínú eérú náà, ó ń wò mí.

Ọwọ́ mi ti lọ sórí ilé ìṣọ́. Mo ti kọ́ ọ̀kan, mo ti fẹ́ kọ́ èkejì. Góòlù tó kù lọ́wọ́ mi ò pọ̀. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ẹyẹ ń bọ̀, tí n kò sì kọ́ ilé ìṣọ́, ìlú mi á jóná ráúráú. Ṣùgbọ́n mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti bá eérú jà. Mo fi góòlù ilé ìṣọ́ ra ẹlẹ́ṣin mìíràn, mo ní kó gba ẹ̀yìn òkè lọ, kó má gba ẹ̀bá odò mọ́. N kò rò pé yóò padà wá. Ohun tí mo fẹ́ ni kó rí nǹkan kó tó kú.

Ó dé ẹ̀yìn ìlú Ẹ̀gbọ́n, eérú náà mọ́lẹ̀. Ilé ẹyẹ ti pòórá, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀rọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ajùkò sì tò síwájú rẹ̀, wọ́n ti kọrí sọ́dọ̀ mi. Ẹlẹ́ṣin mi kú. Mo kígbe láìmọ̀. Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà ti là. Ẹ̀rọ ajùkò kì í yára, kò sì lè ju òkúta sí ẹni tó bá ti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹlẹ́ṣin ló máa ń jẹ ẹ́. Mo pa ọ̀rọ̀ ilé ìṣọ́ tì, mo fi gbogbo ohun tí mo ní kó ẹlẹ́ṣin jọ, mo sì pàdé wọn lójú ọ̀nà níbi tí kò ti sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò lọ bá ilé olórí ìlú bí òmùgọ̀. Ilé alágbẹ̀dẹ ni mo kọ́kọ́ wó. Nínú eré wa, bí gbòǹgbò bá ti kúrò, ẹ̀ka rẹ̀ ò ní so mọ́: ilé ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ẹ̀rọ ajùkò kankan jáde mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì náà léraléra lẹ́yìn aṣọ.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ ìbora náà sókè, wọ́n yọjú sí mi. Ojú wọn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"O padà lọ wò ó."

"Mo padà lọ wò ó, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnu mi. Kú oríire."

Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ Ìpọ̀nrí sí mi, méjì lórí òrùka kan: ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti yàrá. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Mo dì í mọ́wọ́ láti Yàbá dé Ojúẹlẹ́gbà, mo dì í mọ́wọ́ dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Inú mi ń dùn, mo ń to ohun tí n óò sọ fún Àǹtí lọ́nà. Mo fẹ́ kó le díẹ̀, kó má le jù. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò ní dí wọn lọ́wọ́ mọ́.

Òórùn fáníìṣì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ta okùn sí pálọ̀, wọ́n fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan kọ́ sórí rẹ̀, ó pín yàrá náà sí méjì. Àǹtí jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Ibùsùn onípákó kan ló wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, fóòmù tuntun lórí rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ò tíì kúrò. Wọ́n ti gbé báàgì mi padà, ó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Káfíńtà Mushin yẹn ò ní Ọlọ́run," Àǹtí ní. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó wá wọn igun yẹn ni mo gbé ẹrù ẹ síta, mo ní kó o má tíì mọ̀. Ó ní fóòmù lè kéré, mo ní rárá, ọmọ mi ga. Jókòó sórí ẹ̀, ká wò ó."

Mo jókòó. Ọ̀rá náà ń dún lábẹ́ mi. Èmi tí mo rán ẹlẹ́ṣin léraléra lọ wo ìlú ọ̀tá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò wo ojú àǹtí mi dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́rọ̀ wọn nínú bálùwẹ̀. Mo pa ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lọ́nà tì.

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ṣí ọwọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: Ìpọ̀nrí, ipò olórí, yàrá. N kò sọ nípa eré, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe máa gbà á gbọ́. Àǹtí gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbéga nìyẹn," wọ́n sì gbé ìgbálẹ̀ wọn lọ sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìkòkò, tí wọ́n tún ń dé e.

Ohùn wọn tún wá láti ọ̀hún.

"Yàrá tí wọ́n fún ẹ yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ní: "Mi ò mọ̀, mà. Mi ò tíì débẹ̀ rí."